Kí A Tó Buwọ́ Lu Wéébíìlì: Kíka Ọjà Wọlé àti Kíkọ Èyí Tó Dín

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn sítọ́kípà àti àwọn oníṣòwò ní Òṣogbo, tí mo tún kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráàyè wá.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti sítọ́ọ̀ pa kí ẹ tó wá, torí náà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá: ọwọ́ tí à ń bù sí ìsàlẹ̀ wéébíìlì nígbà tí ọkọ̀ bá já ọjà fún wa.

Tí ẹ bá délé, ẹ mú wéébíìlì èyíkéyìí jáde, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lókè ibi tí wọ́n ní kí a buwọ́ lù, gbólóhùn kékeré kan wà níbẹ̀ tí ilé iṣẹ́ tó fi ọjà ránṣẹ́ ti tẹ̀ sílẹ̀: pé a gba ọjà náà, pé ó pé, pé kò sì sí èyí tó bàjẹ́. Àwa kọ́ la kọ ọ́, àmọ́ bí a bá ti buwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Tí páálí 8 bá dín, tí a wá pe ilé iṣẹ́ náà ní Èkó lọ́jọ́ kejì, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ṣé ẹ buwọ́ lù ú pé ó pé?" Tí a bá ti lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Láti ìgbà tí awakọ̀ ti lọ, ọ̀dọ̀ wa ni ọjà sùn. Ta ló máa mọ̀ bóyá láti Èkó ló ti dín, tàbí àwọn ọmọ tiwa ló gbé e gba ẹ̀yìnkùlé?

Iṣẹ́ ìkójà kì í ṣe àjèjì sí ìlú wa. Láti ìgbà tí ojú irin ti dé Òṣogbo ní 1907 ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ti ń kó kòkó àti ẹkùrọ́ jọ nítòsí sítéṣọ̀n, tí wọ́n sì ń já ẹrù ilẹ̀ òkèèrè níbẹ̀. Nísinsìnyí, tírélà ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà wa láti Èkó, ó ń gba Ìbàdàn àti Gbọ̀ngán wọlé. Tírélà lè sùn lọ́nà. Ó lè dúró níbi tí ẹ kò mọ̀, kí ó tún dúró níbi tí awakọ̀ kò ní sọ fún yín. Ìdí nìyẹn tí kíkà wa fi bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan páálí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo tò ó kalẹ̀ kí àlàyé lè rọrùn, ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tó ni ín. Sítọ́ọ̀ kan wà ní Ògo-Olúwa, tírélà sì wọlé ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Wéébíìlì rẹ̀ ní páálí tòmátì 600, páálí ọṣẹ 300, àti páálí ṣúgà onígun 200. Lápapọ̀, ó jẹ́ 1,100.

Ọkọ̀ tó ní ilẹ̀kùn máa ń ní síìlì, nọ́ńbà síìlì náà sì gbọ́dọ̀ wà lórí wéébíìlì. Kí ẹ tó gé e, ẹ ka nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú awakọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ fà á wò, torí mo ti rí síìlì tí wọ́n gé tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ padà. Ẹ wo ìdè ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ jí ẹrù láìfọwọ́ kan síìlì á tú nọ́ọ̀tì ìdè ilẹ̀kùn, á sì dá a padà nígbà tó bá ṣe tán. Ibi tí sípánà ti họ ọ̀dà máa ń dán yàtọ̀ sí ibi tó ti dípẹtà. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi tápólì bò, tí kò ní síìlì, okùn ni kí ẹ wò, àti bóyá tápólì ya níbì kan tí kò yẹ kó ya.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé síìlì ló ń sọ ẹni tó jẹ gbèsè. Tí nọ́ńbà bá bára mu, tí síìlì kò sì ní àbùkù, tí ọjà wá dín, ó ṣeé ṣe jù pé níbi tí wọ́n ti kó o sọ́kọ̀ ní Èkó ni wọ́n ti ṣì í kà. Tí nọ́ńbà bá yàtọ̀, ojú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ wà, olówó ọkọ̀ ló sì máa dáhùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé e, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ èyí mọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, nọ́ńbà bára mu. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago, wọ́n sì gé síìlì.

Ó wá kan kíkà. Ẹni tó ń kà kò gbọ́dọ̀ mọ iye tó wà lórí wéébíìlì. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa rẹ́rìn-ín, torí àṣà tiwa ni pé sítọ́kípà á mú wéébíìlì lọ́wọ́, á máa fi bíírò gún un bí ẹrù ti ń wọlé. Àmọ́ ẹni tó mọ̀ pé 600 ló yẹ kí òun bá, tó bá dé 590, tí ó ti rẹ̀ ẹ́, tí oòrùn sì ti ń pa á, ọkàn rẹ̀ á bá a parí èyí tó kù. Kì í ṣe olè. Ojú èèyàn ló máa ń rí ohun tó ti ń retí. Ẹ fún un ní ìwé òfìfo tí orúkọ ọjà nìkan wà lórí rẹ̀, kí wéébíìlì wà lọ́wọ́ ọ̀gá nínú ọ́fíìsì.

Ẹnu ọ̀nà sítọ́ọ̀ ni kí ó dúró sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹrù tó kúrò lórí ọkọ̀ kò tíì wọlé. Kí gbogbo àwọn tó ń já ẹrù máa gbé iye kan náà lẹ́ẹ̀kan, ká sọ pé páálí méjì méjì. Tí ọmọkùnrin kan bá gbé mẹ́ta láti fi agbára rẹ̀ hàn, ẹ dá a padà, torí ẹni mẹ́ta-mẹ́ta yẹn ló máa ń da ìlà rú. Ìlà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá, kí ìlà karùn-ún dábùú mẹ́rin. Ìdì ìlà kan wá jẹ́ páálí 10.

Nínú sítọ́ọ̀, ẹnì kejì wà níbẹ̀ tó ń tò ó sórí páléẹ̀tì. Ìtò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tòmátì wa yìí, páálí 10 ló ń gba ìpele kan, ìpele 8 ló sì ń ga dé, ìyẹn ni pé páléẹ̀tì kan jẹ́ 80. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò ka páléẹ̀tì, ẹni tó wà nínú ilé kò sì rí ìlà. Nígbà tí wọ́n bá parí ni wọ́n tó fi iye wọn wéra. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìlà fi 592 hàn. Páléẹ̀tì fi 7 tó kún hàn, ìyẹn 560, àti ọ̀kan tó ní ìpele 3 pẹ̀lú páálí 2 lórí, ìyẹn 32. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 592. Bó bá jẹ́ 600 ni, páléẹ̀tì tó kẹ́yìn ì bá ní ìpele 4 gbáko. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, títí kan awakọ̀, lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tó dín láìka nǹkan kan.

(Bí ọjà bá wá lórí páléẹ̀tì láti ilé iṣẹ́, tí wọ́n ti fi ọ̀rá wé e, ẹ má ṣe kàn fi iye páálí inú ìpele kan sọ iye ìpele di púpọ̀ kí ẹ sì lọ. Ẹ gun àkàbà, kí ẹ wo àárín rẹ̀ láti òkè. Ìtò kan wà tí ó máa ń fi ihò sílẹ̀ láàárín, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì pé pérépéré.)

Ẹnì kẹta tún wà tí a kì í ka ìṣirò rẹ̀ sí: olórí àwọn tó ń já ẹrù. Níbi tí wọ́n bá ti ń sanwó fún wọn lórí páálí kọ̀ọ̀kan, òun náà ń kà, kò sì ní jẹ́ kí iye rẹ̀ kéré láé. Tí ẹni tí owó rẹ̀ á pọ̀ sí i bí iye bá pọ̀ sí i bá sọ fún yín pé 592 ni, ẹ lè dákẹ́ lórí 600.

Ọṣẹ wá jẹ́ 303. Ṣúgà pé 200, àmọ́ páálí 4 ti tutù nísàlẹ̀, páálí kan sì ti ya. Wọ́n tú èyí tó ya, wọ́n bá páàkì 43 níbi tí 50 yẹ kó wà.

Kí ẹ tó sọ fún awakọ̀ pé nǹkan dín, ẹ tún èyí tí kò bára mu kà, èyí tí kò bára mu nìkan, kí àwọn tó kà á sì pààrọ̀ ipò. Ẹ gun orí ọkọ̀, kí ẹ wo abẹ́ tápólì àti abẹ́ ìjókòó awakọ̀. Nínú ọ̀ràn tiwa, tòmátì dín, ọṣẹ sì lé, nítorí náà ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá tòmátì ló ṣèèṣì wọ inú ọṣẹ. Páálí méjèèjì lè jọra láti ọ̀ọ́kán. Wọ́n yẹ páléẹ̀tì ọṣẹ wò, ọṣẹ ni gbogbo rẹ̀ lóòótọ́. Ó di pé tòmátì dín 8, ọṣẹ lé 3.

Ibí ni mo ti rí i tí àwọn ọlọ́gbọ́n ń ṣubú. Wọ́n á ní, "Ó dín 8, ó lé 3, 5 ló kù, ẹ jẹ́ ká kọ 5." Ẹ má ṣe é. Tòmátì kì í ṣe ọṣẹ, iye owó wọn kò dọ́gba, káàdì ọjà wọn sì yàtọ̀. Ẹni tó bá kọ 5 ti ba káàdì méjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní rí ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá ka sítọ́ọ̀ ní ìparí ọdún.

Nísinsìnyí, awakọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ yín. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n á yọ ọ́ nínú owó ọkọ̀ mi. Ẹ buwọ́ lù ú báyìí, màá bá yín gbé e wá tí mo bá ń padà bọ̀." Ó sì lè jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, torí pé àwọn kan máa ń yọ ọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wò ó: tí síìlì kò bá ní àbùkù, ohun tí ẹ máa kọ ló máa gbà á sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. "Bàbá, nọ́ńbà síìlì yín bára mu, mo ti kọ ọ́ síbí. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n máa bi, wọn ò ní bi yín." Mo ti rí awakọ̀ tí ojú rẹ̀ yí padà nígbà tó gbọ́ èyí, tó sì gba bíírò fúnra rẹ̀.

Kí ni a wá máa kọ? Ẹ má kọ pé "ọjà dín." Ẹni tó wà ní Èkó kò lè fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Ẹ má sì kọ pé "a kò tíì kà á" kí ẹ wá jẹ́ kí ọkọ̀ lọ, torí ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé ẹ kò mọ̀. Kò sọ pé ó dín. Ẹ kọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó ní orúkọ ọjà, iye tó wà lórí ìwé, iye tí ẹ kà, àti ohun tí ẹ fi ń kà á. Fún ọkọ̀ yìí, ó máa lọ báyìí: tòmátì, ìwé ní páálí 600, a ka 592, ó dín páálí 8. Ọṣẹ, ìwé ní páálí 300, a ka 303, ó lé páálí 3. Ṣúgà, páálí 200 wọlé, 4 nínú rẹ̀ tutù. Ọ̀kan mìíràn ya, páàkì 43 ló wà nínú rẹ̀, ó dín páàkì 7. Síìlì bára mu, kò ní àbùkù nígbà tí a gé e. Lẹ́yìn náà, ọjọ́, aago, àti nọ́ńbà ọkọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé páálí 4 tó tutù kò dín. Ó wọlé, àmọ́ ó bàjẹ́. Tí ẹ bá kọ ọ́ mọ́ èyí tó dín, ilé iṣẹ́ á béèrè pé níbo ni páálí náà wà, torí awakọ̀ kò gbé e padà. Ẹ tún kíyè sí i pé ti páálí tó ya, páàkì ni mo kọ, n kò kọ páálí. "Ó dín 7" láìsọ ohun tó jẹ́ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn oníṣòwò tó ti bára wọn ṣe ọjọ́ pípẹ́.

Gbogbo ẹ̀dà wéébíìlì ni ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ wà, pàápàá èyí tí awakọ̀ máa mú padà. Ẹ jẹ́ kí kábọ́nù wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà ìsàlẹ̀ sókè wò bóyá ó hàn. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà tiwa nìkan la kọ ọ́ sí, ìwé tí ilé iṣẹ́ ní lọ́wọ́ ṣì ń sọ pé ó pé. Ẹ fa ìlà gba orí gbólóhùn tí wọ́n tẹ̀ sílẹ̀ yẹn. Awakọ̀ á kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, á sì buwọ́ lu ohun tí ẹ kọ. Bó bá kọ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kọ̀, kí ẹlẹ́rìí kan buwọ́ lù ú, kí ẹ sì pe ilé iṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà nínú ọgbà. Ipe tí ẹ pè kí ọkọ̀ tó jáde ní agbára ju ti ọ̀la lọ.

Ìwé ìgbọjàwọlé ti sítọ́ọ̀ wá kàn. 592 ni kí ẹ kọ síbẹ̀, 592 náà sì ni káàdì ọjà máa gbà. Mo mọ ilé ìtajà tí ọ̀gá máa ń ní, "Ẹ kọ 600, wọ́n á kó 8 yẹn wá." Títí wọ́n á fi kó o wá, gbèsè páálí 8 wà lọ́rùn sítọ́kípà, torí káàdì ń sọ pé ó wà nínú ilé. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, akọ̀wé owó máa ń fi ìwé mẹ́ta wéra kí ó tó sanwó: ìwé tí a fi béèrè ọjà, ìwé ìgbọjàwọlé, àti ínfóìsì. Tí ínfóìsì bá ní 600, tí ìwé ìgbọjàwọlé náà sì ní 600, kò sí ohun tó máa dá a dúró, á san owó 600. Ká sọ pé páálí kan jẹ́ ₦10,000, ₦80,000 ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Àmọ́ tí ó bá rí 592, á fi ẹ̀dà wéébíìlì tí awakọ̀ buwọ́ lù ránṣẹ́, á sì béèrè ìwé tí wọ́n á fi dín owó náà kù.

Ìyá kan nínú yín béèrè nípa páálí tí kò ya, tí téèpù rẹ̀ ṣì wà, tí ohun inú rẹ̀ wá dín. Ìyẹn le, torí kò sẹ́ni tó lè tú páálí 592. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ lò. Tòmátì gíráàmù 70 tí ẹyọ rẹ̀ jẹ́ 50 nínú páálí, kílò 3.5 ni tòmátì inú rẹ̀, láìka ọ̀rá àti páálí fúnra rẹ̀. Ẹ tú páálí kan, ẹ ka ohun inú rẹ̀ kó dá yín lójú pé ó pé, kí ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sínú páálí, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n. Iye yẹn lẹ máa fi wọn àwọn yòókù tí ẹ bá fura sí. Tí ẹyọ 5 bá dín, á fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní gíráàmù 350, òṣùwọ̀n kékeré á sì fi hàn. Ẹyọ kan ṣoṣo lè má hàn, torí ìwọ̀n páálí pàápàá máa ń yàtọ̀ díẹ̀ síra wọn. Èyí tí ẹ máa fura sí ni èyí tó ní téèpù lórí téèpù, tàbí tí téèpù rẹ̀ fa awọ páálí bó. Ẹ sì yí ínfóìsì padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló dá àkókò tí wọ́n á fi gbọ́ irú ẹjọ́ báyìí, àwọn mìíràn kò sì fúnni ju wákàtí 24 lọ.

Bí ọkọ̀ bá wá dé ní ìrọ̀lẹ́ ńkọ́, tí iná kò sí? Ẹ má já a. Ẹ jẹ́ kí síìlì wà bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi àgádágodo tiyín kún un, kí awakọ̀ sùn sínú ọgbà, kí ẹ kọ aago tó dé sórí wéébíìlì. Owó tí ẹ fẹ́ fún un fi jẹun alẹ́ kò tó owó páálí kan. Ọkọ̀ tí wọ́n já sí ìdajì lóru ló máa ń burú jù, torí ilẹ̀ á mọ́, kò ní sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n kà dé.

Lórí òfin, díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, agbẹjọ́rò kọ́ ni mí. Òfin Títa Ọjà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1893 ni òfin títa ọjà ní apá Ìwọ̀ Oòrùn wa níhìn-ín tẹ̀ lé. Ohun tí ó sọ lórí iye kò ṣòro: bí olùtajà bá kó ọjà tó dín ju àdéhùn lọ wá, ẹ lè kọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ bí ẹ bá gba èyí tó wá, iye tí ẹ gbà ni ẹ máa san owó rẹ̀ ní iye àdéhùn. Bó bá lé, ẹ lè gba iye tí ẹ jọ ṣe àdéhùn lé lórí, kí ẹ sì kọ ìyókù. Tí ẹ bá gba gbogbo rẹ̀, ẹ máa san owó gbogbo rẹ̀.

Ìyẹn gan-an ló mú wa dé orí páálí ọṣẹ 3. Ẹnì kan ti ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, mo rí yín, sà. Kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ má gbé e sórí káàdì, ẹ má sì tà á. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ pé ó wà lọ́dọ̀ yín, kí wọ́n yàn: kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ gbé e padà, tàbí kí wọ́n kọ ínfóìsì rẹ̀ fún yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ínfóìsì ni wọ́n máa kọ, torí owó ọkọ̀ padà sí Èkó lè ju èrè orí ọṣẹ lọ. Ọjọ́ tí ínfóìsì bá dé ni ẹ tó kọ 3 kún 300 lórí káàdì.